Àtẹ́lẹwọ́ Kan Péré: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Gun Alùpùpù ní Kútọnu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin kẹ̀kẹ́nọ̀ tí ẹ ti wọ ẹ̀wù yẹ́lò yín, tí ẹ ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó sẹ́yìn zẹ́mìjáàn, tí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí itan, tí ẹ ń lọ sí Tọ́kpà. Bí ẹ bá ń gbọ́ mi lórí ìrìn báyìí, ẹ dákun, ẹ fi ojú sọ́nà, etí nìkan ni mo fẹ́ yá.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo gbé wá láàárọ̀ yìí. Èdè Fọn ni wọ́n fi ń pe alùpùpù akérò ní zẹ́mìjáàn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n gbé èèyàn kíákíá. Mo fẹ́ kí a jọ wo ohun tó ń gbé alùpùpù dúró, ohun tó ń gbé e ṣubú, àti ohun tó yẹ kó wà lára èèyàn lọ́jọ́ tó bá ṣubú.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹni tó bá wà nílé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, kí ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, kí ó wò ó dáadáa. Táyà alùpùpù méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti fara kan ilẹ̀, bí a bá pa á pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ yẹn lọ. Orí ìwọ̀nba ibi yẹn ni ẹ ti ń sáré. Orí ibẹ̀ náà ni ẹ ti ń yà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ti ń tẹ bíréèkì. Ẹ fi wé owó ọbẹ̀ tí ìyàwó ilé mú lọ sí ọjà. Bó bá fi gbogbo rẹ̀ ra ẹran, kò ní rí owó ra ata. Bí ẹ bá fi gbogbo agbára táyà yà ní kọ́nà, tí ẹ tún wá tẹ bíréèkì láàárín kọ́nà náà, ẹ ti ná ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Gbèsè ni ẹ jẹ yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ sì máa ń gba gbèsè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí alùpùpù ṣe ń dúró ná. Bí kò bá rìn, tí ẹ kò sì fi ẹsẹ̀ tì í, ó máa ṣubú. Bó bá ti ń rìn, ó máa dúró. Kí ló fà á? Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi ọmọ odó dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí ọmọ odó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ ó sún ọwọ́ sí ọ̀tún kí ìdí rẹ̀ lè padà sábẹ́ orí rẹ̀. Ohun tí táyà iwájú ń ṣe nìyẹn. Bí alùpùpù bá fẹ́ tẹ̀ sí ọ̀tún, táyà iwájú á yí díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì padà sábẹ́ ẹrù tó gbé. Bí ó bá ń sáré dé ìwọ̀n kan, ó ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá gan ọwọ́, tó di hándù mú pinpin bí ẹni ń di ewúrẹ́ mú, fi ń pa ọkọ̀ ara rẹ̀ lára. Kò jẹ́ kí táyà iwájú ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà níbẹ̀ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Bí alùpùpù bá ti ń sáré, tí ẹ fẹ́ kí ó lọ sí ọ̀tún, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ti hándù síwájú díẹ̀. Táyà á kọ́kọ́ yí sí òsì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí kò tó nǹkan, ọkọ̀ á sì tẹ̀ sí ọ̀tún, ìgbà náà ni yóò wá yà sí ọ̀tún. Gbogbo yín lẹ ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá dé, tí kòtò yọ níwájú lójijì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fa hándù sí ibi tó fẹ́ sá lọ, ọkọ̀ á sì tẹ̀ sí inú kòtò gan-an. Nítorí náà, ẹ fi dánra wò níbi tí kò sí ọkọ̀, kí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ ewu tó dé. Ẹ ti ọ̀tún, ẹ ó lọ sí ọ̀tún. Ẹ ti òsì, ẹ ó lọ sí òsì. Kí ojú yín sì wà níbi tí ẹ fẹ́ gbà, kí ó má ṣe wà lórí kòtò. Ibi tí ojú bá kọ sí, ibẹ̀ ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, bíi ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, agbára tí táyà iwájú fi ń gbé ara rẹ̀ dúró ti dín kù, ẹ̀yin lẹ ó gbé e dúró. Ẹ fa kilọ́ọ̀ṣì dé ìdajì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa fà díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ọ̀kánkán. Ẹni tó bá ń wo táyà iwájú rẹ̀ kò ní pẹ́ fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé èrò. Alùpùpù tí ọ̀pọ̀ yín ń gùn kò wúwo ju bíi kìlógíráàmù 110 lọ. Bí ìyá kan bá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ẹrù ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹrù yẹn ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé ti iwájú fúyẹ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: hándù á fúyẹ́, á máa gbọ̀n díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ èrò pé kí ó sún mọ́ yín, kí ẹrù wà láàárín yín, kí ó má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin èrò náà, bí ọkọ̀ bá tẹ̀ ní kọ́nà, ẹ bá a tẹ̀. Ẹ má ṣe na ara sí ìdà kejì nítorí ẹ̀rù. Bí ẹ bá na ara sí ìdà kejì, kẹ̀kẹ́nọ̀ á ní láti tẹ ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kí ó tó yà.

Ó wá ku dídúró. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 40 ní wákàtí kan, mítà 11 ni ẹ ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí ewu, kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ, mítà 11 ti lọ, ẹ kò tíì fọwọ́ kan bíréèkì. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀nà bá gbẹ tí bíréèkì méjèèjì sì dára, ẹ ó tún lo bíi mítà 12 kí ẹ tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 23. Ní kìlómítà 60, ó di bíi mítà 44. Ẹ kíyè sí i pé ìdajì péré la fi kún eré, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ máa dúró sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà ní ìlọ́po méjì.

Bíréèkì iwájú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ó máa ń gbé èèyàn ṣubú. Àmọ́ òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá ti ń dúró, gbogbo ẹrù á sáré wá síwájú, bí omi inú garawa ṣe ń ya síwájú bí ẹni tó gbé e bá dúró lójijì. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ti ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni kí á já bíréèkì iwájú gbà lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ẹrù kò tíì dé iwájú, tàbí nígbà tí hándù ṣì wọ́. Ẹ fà á díẹ̀ kí ẹrù kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá fà á le. Kí hándù tọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí táyà pariwo, tàbí tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ jó bọ̀, táyà ti dúró ó kàn ń wọ́ ni. Ẹ dẹ bíréèkì náà díẹ̀, kí ẹ tún padà tẹ̀ ẹ́.

Ìlú tiwa ní ewu tirẹ̀. Orí iyanrìn ni Kútọnu jókòó sí. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà oníyanrìn ti jáde sí títì ọlọ́dà, ọkọ̀ àti omi òjò ń gbé iyanrìn wá sí etí títì, ibẹ̀ gan-an ni ẹ sì ti fẹ́ yà. Táyà kò di ilẹ̀ mú níbẹ̀, iyanrìn ló ń gun. Kí ẹ tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti dín eré kù. Bí ẹ bá ti wọ orí rẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má tẹ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọjá ní ọ̀ọ́kán. Bákan náà ni òkúta tí wọ́n tò sí ọ̀nà, àti ọ̀dà funfun tí wọ́n fi fa ìlà sí oríta. Bí òjò bá pa wọ́n, wọ́n á máa yọ̀ bí ilá. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló burú jù, nítorí epo àti eruku tó ti wà lójú títì láti ọjọ́ pípẹ́ á pò pọ̀ mọ́ omi. Ẹni tó bá ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ ìbòjì kò pàdánù ohun púpọ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé oríta, níbi tí iná ti pọ́n, tí ọkọ̀ tò bí èèrà láti Fẹ̀dókò lọ, tàbí ní Etuwáàlì Rúùjù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù kì í dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ ń yọ́ gba àárín ọkọ̀ lọ sí iwájú. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má yọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó yọ́. Bí a ṣe ń yọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ẹkùn ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí ó ń wo ohun gbogbo.

Ní Ọsirélíà, ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Niu Saut Weesi ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 2014. Wọ́n fàyè gbà á kí alùpùpù yọ́ gba àárín ọkọ̀, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ètè títì. Òfin ibòmíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá ìlú wa mu. Ní tèmi, n ó tún dín in kù sí i. Bí ọkọ̀ bá dúró pátápátá, kìlómítà 15 tó. Ní eré yẹn, mítà 4 ni ẹ ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn táàsì lójijì, ọwọ́ yín ṣì lè bá a. Ní kìlómítà 40, mítà 11 ni, ilẹ̀kùn náà á ti bá yín kí ọwọ́ tó gbọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ wọ ìlà, kí ẹ máa bá wọn lọ.

Kí lẹ ó máa wò? Ẹ wo táyà iwájú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Iná tí ń ṣẹ́jú lè purọ́, awakọ̀ lè gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà kì í purọ́. Bó bá ti yí, ọkọ̀ náà ń bọ̀. Ẹ wo àlàfo. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ nínú ìlà kan, tí ìlà kejì sì dì, ẹnì kan máa yà sínú rẹ̀, bóyá kò ní wo díńgí. Ẹ wo táàsì tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú tó ń ka owó: ilẹ̀kùn yẹn máa ṣí. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ ó rí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń ta omi tútù kí ó tó yọ jáde níwájú yín.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí a kì í yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá. Tírélà ni. Wọ́n ń gbé ẹrù láti èbúté Kútọnu lọ sí òkè. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sí òkè, kò rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀. Ọkọ̀ gígùn kì í sì í yà bíi tiyín. Bó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, ó ní láti kọ́kọ́ fẹ̀ sí òsì. Ẹni tó wà lẹ́yìn á rò pé òsì ló ń lọ, á ní wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún òun lápá ọ̀tún, á sì wọ ibẹ̀. Ìgbà náà ni orí ọkọ̀ á yí padà. Táyà ẹ̀yìn kì í sì í tẹ̀ lé ipa ti iwájú. Inú ló ń gé gbà, á máa fún àyè yẹn pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí àyè mọ́.

Mo fi ojú mi rí i lápá Fẹ̀dókò, lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kẹ̀kẹ́nọ̀ kan gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Tírélà fẹ̀ sí òsì, ọmọkùnrin náà wọ ọ̀tún. Ó ti dé àárín ọkọ̀ kí ó tó rí i pé orí tírélà ń yí bọ̀. Ó fa hándù sí ọ̀tún láti sá, ó sì já bíréèkì iwájú gbà lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ìlà funfun tó tutù. Ẹ rántí owó ọbẹ̀. Ó fẹ́ yà, ó fẹ́ dúró, ilẹ̀ sì ti ń yọ̀: ó ná gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Táyà iwájú sá lọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí ètè títì. Táyà tírélà gun orí alùpùpù náà, ó lọ́ ọ bí okùn, awakọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn èèyàn ló pariwo kí ó tó dúró.

Àwọn méjèèjì yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Àṣíborí ọmọkùnrin náà ha lápá ọ̀tún, ó sì sán. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó jókòó. Ọmọbìnrin náà kò dé nǹkan kan bí kò ṣe gèlè. Iwájú orí rẹ̀ kan ètè títì, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò dáhùn nígbà tí a pè é. Ó pẹ́ kí ó tó ṣíjú. Ibì kan náà ni wọ́n ti ṣubú, àmọ́ ọ̀kan ló dé kásíkì.

Orí tó bá já lulẹ̀ láti ibi gíga ẹni tó jókòó lórí alùpùpù, eré tó fi ń kan ilẹ̀ tó kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kódà bí ọkọ̀ náà kò bá rìn rárá. Ohun tó ń gba orí là wà nínú kásíkì. Bí ẹ bá tú aṣọ inú rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan funfun kan tó le, tó fúyẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Bí orí bá gbá ilẹ̀, nǹkan funfun yẹn á rún, rírún rẹ̀ ló sì ń jẹ eré náà kí ó má baà dé ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè ṣe é. Kásíkì tó ti gbá ilẹ̀ rí, kódà bí òde rẹ̀ bá ń dán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí á ra àlòkù tí a kò mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí káàkiri ayé rí i pé nínú àwọn tó bá ní jàǹbá, àṣíborí ń dín ikú kù ní bíi 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní bíi 69 nínú 100.

Kí ẹ tó rà á, ẹ dé e, kí ẹ sì mi orí. Bí awọ iwájú orí yín bá ń bá a lọ, ó bá yín mu. Bó bá ń yí lórí bí ìkòkò, ó tóbi jù. Ẹ wo okùn rẹ̀ bóyá àmì tí wọ́n rán sí i wà níbẹ̀, lẹ́tà E nínú òbìrí kan pẹ̀lú nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ẹ so okùn mọ́ àgbọ̀n, kí ìka méjì péré lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá di ẹ̀yìn kásíkì mú, kí ẹ gbìyànjú láti fà á síwájú kúrò lórí. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, á bọ́ lójú títì. Mo ń rí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́nọ̀ tó dé kásíkì nítorí ọlọ́pàá, tí okùn rẹ̀ ń jó lẹ́tí. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ lù wọ́n, kásíkì á kọ́kọ́ lọ, orí á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin kẹ̀kẹ́nọ̀, ẹ ní kásíkì kejì fún èrò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èrò ń ní ó ń rùn, ó ń ba irun jẹ́. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ mímọ́ sínú rẹ̀, kí èrò kọ̀ọ̀kan lè fi tirẹ̀ bo irun kó tó dé e. Ẹ̀yin èrò, ọwọ́ òsì ni kí ẹ ti máa gun alùpùpù, nítorí apá ọ̀tún ni sálẹ́ńsà sábà máa ń wà, tí ó ń jó èèyàn lójúgun. Ẹ ká etí ìró mọ́ ara kí ẹ tó jókòó. Bí ṣéènì tàbí wáyà táyà bá fà á, kò ní dúró bẹ ẹnikẹ́ni. Fún awakọ̀, bàtà tó bo kókósẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn, àti ìbọ̀wọ́, nítorí ọwọ́ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń fi gbé ilẹ̀ nígbà tó bá ń ṣubú. Ooru wa pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n awọ ara tí títì bó kì í tètè hù.

Ẹ̀yin ará mi, lónìí, bí iná bá pọ́n yín ní Fẹ̀dókò, tí tírélà sì wà níwájú, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ẹ ti lè rí díńgí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú awakọ̀ nínú díńgí yẹn, òun náà lè rí yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò sí níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Ẹ fi ìka méjì yẹ okùn kásíkì yín wò nígbà tí ẹ bá ń dúró de iná náà, kí ẹ sì yíjú sẹ́yìn, kí ẹ yẹ ti èrò yín wò pẹ̀lú. Kí iná tó yí padà, ẹ ó ti parí rẹ̀.